Ta Ló Wà Níbi Tí Wọ́n Kùn?

Kò sí ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC ní ìṣirò tí kò tíì rí irú fọ́tò yìí. Ọmọ kan gbé ìwé ìbéèrè lé itan, ó fọwọ́ kan di fóònù mú, ó yà á lábẹ́ iná, ó sì fi ránṣẹ́ sí tíṣà rẹ̀ lórí Wásáàpù. Òbìrìkìtì méjì ló wà nínú fọ́tò náà, wọ́n wọnú ara wọn, àpótí onígun mẹ́rin sì yí wọn ká. Nọ́ńbà wà níhìn-ín lọ́hùn-ún. Wọ́n kun apá kan. Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: bí wọ́n bá ṣàdédé mú ẹnì kan láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kí ni ìṣeéṣe pé ẹni náà wà níbi tí wọ́n kùn?

Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ kò le rárá. Ká pín nọ́ńbà kan sí òmíràn ni, bóyá ká ro díẹ̀ pọ̀, ká yọ díẹ̀ kúrò. Kíka àwòrán ọ̀hún gan-an ló ń jẹ máàkì àwọn ọmọ, àgàgà nígbà tí fọ́tò bá ti gé etí rẹ̀ sọnù tàbí tí òjìji ọwọ́ bá ti bò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká má kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n bi ènìyàn 50 tó jẹun ọ̀sán ní búkà kan léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Òbìrìkìtì apá òsì, tí wọ́n kọ R sí lára, ni ti àwọn tó jẹ ìrẹsì. Ti apá ọ̀tún, tí wọ́n kọ E sí, ni ti àwọn tó jẹ ẹ̀wà. Ibi tí méjèèjì ti wọnú ara wọn ni ti àwọn tó ní kí wọ́n bu ẹ̀wà lé ìrẹsì fún àwọn. Nínú fọ́tò náà, 17 wà lápá òsì, 9 wà láàárín, 11 wà lápá ọ̀tún. Apá òsì, níbi tí 17 wà, ni wọ́n kùn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ á ro 17, 9 àti 11 pọ̀, á di 37, wọn á sì dáhùn pé ìṣeéṣe náà jẹ́ 17/37. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, ibi tó sì ti wọ́ ni pé wọn kò ka gbogbo àwòrán tán.

Ilé oníyàrá mẹ́rin ni kí wọ́n fi àwòrán òbìrìkìtì méjì ṣe. Yàrá kìíní ni ti àwọn tó wà nínú R ṣùgbọ́n tí wọn kò sí nínú E. Yàrá kejì ni ti àwọn tó wà nínú méjèèjì. Yàrá kẹta ni ti àwọn tó wà nínú E nìkan. Yàrá kẹrin wà lẹ́yìn òbìrìkìtì méjèèjì, ṣùgbọ́n inú àpótí ló wà síbẹ̀. Àwọn tó jẹ ẹ̀bà tàbí àmàlà, tí wọn kò fọwọ́ kan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Wọ́n jẹun ní búkà náà, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bíi ti àwọn yòókù, nítorí náà wọ́n wà lára àwọn 50.

Nọ́ńbà yàrá kẹrin ni fọ́tò sábà máa ń gé dànù. Igun àpótí ni àwọn tó ń tẹ̀wé máa ń fi í sí, ní kékeré, ó sì jẹ́ pé àárín ni ojú ẹni tó ń ya fọ́tò máa ń wà. Bí ìbéèrè bá ti sọ pé ènìyàn 50 ni, ọ̀rọ̀ náà kò le: 50 yọ 37, ó ku 13. Ìṣeéṣe ibi tí wọ́n kùn di 17/50, ìyẹn 0.34. Ẹni tó fi 37 pín yóò rí nǹkan bí 0.46. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì kì í ṣe kékeré.

Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé nọ́ńbà kan ti sọnù bí ìbéèrè kò bá dárúkọ iye gbogbo wọn? Bó bá jẹ́ pé ìṣeéṣe ni wọ́n kọ sínú àwọn yàrá, bíi 0.34, 0.18 àti 0.22, kí ó ro wọ́n pọ̀. Gbogbo yàrá lápapọ̀ gbọ́dọ̀ pé 1 géérégé. Àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ 0.74, nítorí náà 0.26 wà níbì kan tí kò hàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iye ènìyàn ni wọ́n kọ, tí kò sì sí àpapọ̀ níbì kankan, a kò lè fi fọ́tò nìkan mọ ohun tó wà ní igun tó gé. Kí tíṣà ní kí ọmọ náà tún ojú ìwé yà, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí hàn, kí ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ sì hàn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ òkè yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn ọmọ ṣe rò lọ, nítorí pé nọ́ńbà kan lè wà nínú òbìrìkìtì kó má jẹ́ ti yàrá tó wà. Àwọn olùkọ̀wé kan máa ń kọ iye gbogbo àwọn tó jẹ ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà R. Nínú àpẹẹrẹ wa, 26 nìyẹn, nítorí pé 17 àti 9 ló para pọ̀. Bí fọ́tò bá dà rú, 26 yìí lè dà bí ẹni pé inú yàrá kìíní ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bákan náà ni 20, tó jẹ́ iye gbogbo àwọn tó jẹ ẹ̀wà. Ọmọ tó rí 26, 9 àti 20 nínú fọ́tò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ti yàrá ni wọ́n tàbí ti odidi òbìrìkìtì.

Kó ro wọ́n pọ̀ wò. 26, 9 àti 20 jẹ́ 55. Ènìyàn 50 péré ni wọ́n bi léèrè, ènìyàn 55 kò sì lè jáde láti inú 50. Ó dájú nígbà náà pé wọ́n ti ka àwọn 9 tó wà láàárín mọ́ 26, wọ́n sì tún kà wọ́n mọ́ 20. Kó yọ 9 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò rí 17 àti 11.

Àmọ́ ọgbọ́n yìí ní ibi tó dé mọ. Ká ní ènìyàn 60 ni wọ́n bi léèrè, tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ bákan náà. Bó bá jẹ́ ti yàrá ni 26, àwọn tó wà lẹ́yìn òbìrìkìtì jẹ́ 5, ìṣeéṣe ibi tí wọ́n kùn sì jẹ́ 26/60. Bó bá jẹ́ ti odidi òbìrìkìtì ni, àwọn tó wà lẹ́yìn jẹ́ 23, ìṣeéṣe náà sì jẹ́ 17/60. Kò sí èyí tó ta ko ìṣirò nínú méjèèjì. Gbólóhùn tó wà lókè àwòrán nìkan ló lè là wọ́n: bóyá ó ní “ènìyàn 26 jẹ ìrẹsì” tàbí “ènìyàn 26 jẹ ìrẹsì nìkan.”

Ibi tí wọ́n kùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú ìwé tuntun, àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tàbí ìlà wínníwínní tó dagun ni wọ́n fi ń kun yàrá. Bí ìwé náà bá ti gba ẹ̀rọ fọtokọ́pì kọjá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àwọ̀ eérú yẹn lè parẹ́ pátápátá, ó sì lè dúdú débi tí yóò fi bo nọ́ńbà inú rẹ̀. Ká wá fi òjìji ọwọ́ àti ti fóònù kún un. Tíṣà tó ń wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ á máa bi ara rẹ̀ bóyá wọ́n kun yàrá kejì náà ni àbí òjìji ló bọ́ sí i.

Etí ibi tó dúdú ni kó wò. Àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé máa ń dúró lórí ìlà òbìrìkìtì gan-an. Bí ìlà náà bá ṣe tẹ̀ ni àwọ̀ náà ṣe máa tẹ̀. Òjìji kò mọ ìlà kankan. Á gba orí òbìrìkìtì kọjá, á jáde kúrò nínú àpótí, á sì bọ́ sí etí ìwé níbi tí ẹnikẹ́ni kò kun nǹkan kan sí. Etí rẹ̀ á sì máa ṣá díẹ̀díẹ̀, kò ní gé ṣánṣán. Bó bá jẹ́ ìlà wínníwínní ni wọ́n fi kùn ún, kí ó fẹ àwòrán náà tóbi lójú fóònù. Ibi tí ìlà bá wà ni wọ́n kùn, ibi tó kàn ṣú lásán kì í ṣe ara rẹ̀.

Nígbà tí àwọ̀ bá ti bo nọ́ńbà kan, àyọkúrò náà ló máa yọ ọ́. 50 yọ 9, yọ 11, yọ 13, ó ku 17. Bí nọ́ńbà méjì bá wá sọnù lẹ́ẹ̀kan náà, 17 tí àwọ̀ bò àti 13 tí fọ́tò gé, àpapọ̀ nìkan kò tó mọ́. A ó mọ̀ pé méjèèjì jẹ́ 30, ṣùgbọ́n a kò ní mọ bí wọ́n ṣe pín in. Ohun kan sí i ni a nílò, irú bíi 26 ti gbogbo àwọn tó jẹ ìrẹsì. 26 yọ 9 jẹ́ 17, èyí tó kù sì jẹ́ 13.

Kíkùn yìí ní ìtàn tó lè ya ọ̀pọ̀ tíṣà pàápàá lẹ́nu. John Venn, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwòrán náà, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1834, tó sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Kémbíríìjì. Ó kọ odindi ìwé lórí ìṣeéṣe ní 1866. Ọdún 1880 ló wá gbé àwòrán òbìrìkìtì tirẹ̀ jáde, kì í sì í ṣe nítorí ìṣeéṣe, nítorí àríyànjiyàn onílàákàyè ni: bí a bá mọ̀ pé gbogbo èyí ni tọ̀hún, kí ni a lè sọ nípa ẹ̀kẹta? Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Síwítísálàǹdì, ti lo òbìrìkìtì fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n Euler máa ń fa kìkì yàrá tó bá ní nǹkan nínú. Venn fa gbogbo yàrá tó ṣeé ṣe kalẹ̀ ná, ó sì wá ń kun èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ Venn, ibi tí wọ́n kùn túmọ̀ sí ibi tó ṣófo! Títí dòní, báyìí ni wọ́n ṣe ń lò ó nínú ẹ̀kọ́ àríyànjiyàn ní yunifásítì. Ìwé ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama ló yí i padà, tí kíkùn fi wá túmọ̀ sí “ibi tí à ń béèrè nìyí.” Ẹni tó bá bá fọ́tò kan pàdé láti inú ìwé àríyànjiyàn tó sì kà á bíi ti WAEC, òdìkejì ohun tí olùkọ̀wé sọ ló máa gbọ́.

Venn kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún àpótí tó yí òbìrìkìtì ká. Yàrá kẹrin wà nínú ìrònú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sábà fa ògiri yí i ká. Nínú ìṣeéṣe, a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé àpótí yẹn ló ń sọ iye tí a ó fi pín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú wọn bí yàrá kan ṣe tóbi tó. Nínú fọ́tò wa, yàrá àárín lè rí tín-ín-rín, ti ọ̀tún lè fẹ̀, kò kan nọ́ńbà inú wọn. Àwọn ìbéèrè kan wà tí ibi tí wọ́n kùn ń fi títóbi ṣiṣẹ́ lóòótọ́, irú èyí tí wọ́n ní kí a ju òkúta sójú pátákó kan kí a sì wá ìṣeéṣe pé yóò balẹ̀ sí apá kan. Ìwọ̀n ni wọ́n máa ń kọ sára ìyẹn. Kò sí ìwọ̀n lára àwòrán Venn.

Ó kù ká wo ohun tí wọ́n tún lè béèrè lórí àwòrán kan náà. Ìṣeéṣe pé ẹni tí wọ́n mú jẹ ìrẹsì jẹ́ 26/50, ìyẹn 0.52. Ti ẹ̀wà jẹ́ 20/50, ìyẹn 0.40. Pé ó jẹ méjèèjì jẹ́ 9/50, ìyẹn 0.18. Bí wọ́n bá ní ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, àwọn ọmọ kan á ro 0.52 àti 0.40 pọ̀, wọn á rí 0.92. Wọ́n ti ka àwọn 9 àárín lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan:

P(R ∪ E) = 0.52 + 0.40 − 0.18 = 0.74

Ẹni tó bá sì kàn ro yàrá mẹ́ta pọ̀, 17, 9 àti 11, yóò rí 37/50, tó jẹ́ 0.74 kan náà. Èrò tiwa ni pé ọ̀nà kejì yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọmọ, kí fọ́múlà tó dé. Ẹni tó ń wo yàrá kò ní nǹkan kan láti há sórí.

Ìbéèrè tó máa ń yí àwọn tó mọ̀wé pàápàá lórí ni èyí: bí wọ́n bá ti sọ fún wa pé ẹni tí wọ́n mú jẹ ẹ̀wà, kí ni ìṣeéṣe pé ó jẹ ìrẹsì pẹ̀lú? Wọn kò bi wá nípa àwọn 50 mọ́. Gbogbo ẹni tí kò jẹ ẹ̀wà ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó ku 20. Nínú àwọn 20 yìí, 9 ló jẹ ìrẹsì. Ìdáhùn jẹ́ 9/20, ìyẹn 0.45. Bí wọ́n bá wá yí i padà pé ẹni náà jẹ ìrẹsì, kí ni ìṣeéṣe pé ó jẹ ẹ̀wà, iye tí a ó fi pín di 26, ìdáhùn sì di 9/26, nǹkan bí 0.35. Yàrá kan náà ni, àwọn ènìyàn 9 kan náà ni.

Láti ibẹ̀ la ti lè mọ̀ bóyá jíjẹ ẹ̀wà ní nǹkan ṣe pẹ̀lú jíjẹ ìrẹsì. Láàárín gbogbo oníbàárà, ìdá 0.52 jẹ ìrẹsì. Láàárín àwọn tó jẹ ẹ̀wà, 0.45 péré. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kò bá kan ara wọn, iye méjèèjì ì bá dọ́gba. Kò dọ́gba, nítorí náà wọ́n kan ara wọn. Àwọn ọmọ kan máa ń wo àwòrán, wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tí òbìrìkìtì méjèèjì ti wọnú ara wọn, ó ti hàn pé wọ́n kan ara wọn nìyẹn. Ojú kò lè rí èyí. Ká ní ènìyàn 50 náà ni, tí 25 jẹ ìrẹsì, tí 20 jẹ ẹ̀wà, tí 10 sì jẹ méjèèjì, òbìrìkìtì á ṣì wọnú ara wọn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ 10/20 dọ́gba pẹ̀lú 25/50, èyí tó fi hàn pé ọ̀kan kò kan èkejì.

Nígbà tí òbìrìkìtì bá di mẹ́ta, yàrá á di mẹ́jọ. Ká fi D kún un fún àwọn tó ra dòdò. Àwọn 17 tó jẹ ìrẹsì láìsí ẹ̀wà pín sí méjì: 12 kò ra dòdò, 5 rà á. Àwọn 9 àárín di 3 tí kò ra dòdò àti 6 tó rà á. Àwọn 11 ti ẹ̀wà di 7 àti 4. Àwọn 13 tó wà lẹ́yìn di 11 tí kò ra ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti 2 tó ra dòdò láìsí ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, bóyá tí wọ́n fi jẹ ẹyin. Ẹni tó bá ro mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ yóò rí 50.

Yàrá tó dì mọ́ àárín gbùngbùn, níbi tí R àti E ti pàdé ṣùgbọ́n tí D kò dé, ni 3 wà. Bí ìbéèrè bá ní “ẹni tó jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà,” ọ̀pọ̀ ọmọ á tọ́ka sí 3 yìí, wọn á kọ 3/50. Ṣùgbọ́n àwọn 6 tó wà láàárín gbùngbùn náà jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà. Pé wọ́n fi dòdò kún un kò yọ wọ́n kúrò. Ìdáhùn ṣì jẹ́ 9/50 bíi ti tẹ́lẹ̀. 3/50 tọ̀nà kìkì bí ìbéèrè bá fi kún un pé ẹni náà kò ra dòdò, tàbí bó bá jẹ́ yàrá kékeré yẹn nìkan ni wọ́n kùn.

Bó bá wá jẹ́ pé yàrá mẹ́ta tó yí àárín gbùngbùn ká ni wọ́n kùn, tí wọ́n fi àárín fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, àwọn tó ra ohun méjì péré ni wọ́n ń béèrè: 5, 3 àti 4, ìyẹn 12/50, tó jẹ́ 0.24. Bí wọ́n bá kun àárín náà mọ́ ọn, ó di àwọn tó ra ohun méjì ó kéré tán, 18/50, ìyẹn 0.36. Nínú fọ́tò tó ṣókùnkùn, ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni yàrá kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ, ibẹ̀ sì ni kí ẹni tó ń dáhùn kọ́kọ́ fẹ̀ tóbi lójú fóònù kó tó mú bírò.